Ọ̀gá Ẹlẹ́rìn-ín Inú Ìbéèrè Kẹta

Ọdún mọ́kànlá ni mo ti fi kọ́ni ní iléèwé gíga aládàáni kan ní Akpakpa, ní Kùtọ̀nú níbí, kí ìbéèrè tí mo fọwọ́ ara mi kọ tó bù mí jẹ. Iṣẹ́ mi ni láti kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa ìhùwàsí ènìyàn níbi iṣẹ́: ohun tó ń mú òṣìṣẹ́ tètè jí lówùúrọ̀, ohun tó ń mú un purọ́ pé ara òun kò yá, àti irú ọ̀gá tó ń sọ ọ́ di èyí tàbí ìyẹn. Mo mọ iṣẹ́ náà dáadáa. Bí ẹ bá bi mí nígbà yẹn, màá ní mo mọ̀ ọ́n ju ẹni tó kọ ìwé rẹ̀ lọ.

Orí kan wà nínú ẹ̀kọ́ náà tí kì í yẹ̀ nínú ìdánwò. Ó dá lórí oríṣi aṣáájú méjì. Èkíní ni aṣáájú pàṣípààrọ̀. Ó máa sọ ohun tó ń fẹ́ fún ọ, á sọ ohun tí wàá gbà bí o bá ṣe é, á sì máa ṣọ́ ibi tí o ti máa ṣàṣìṣe. Ṣe fún mi, kí n ṣe fún ọ. Èkejì ni aṣáájú ayínipadà. Ìwà òun fúnra rẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ń wò ṣe àwòkọ́ṣe, ó ń mú kí iṣẹ́ ní ìtumọ̀ lójú wọn, ó ń fẹ́ kí wọ́n béèrè ìdí tí a fi ń ṣe nǹkan bí a ti ń ṣe é, ó sì ń wo olúkúlùkù bí ẹni tó lè dàgbà ju ibi tó wà lọ. Èdè Faransé la fi ń kọ́ wọn ní kíláàsì, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá mi ní Àjàṣẹ́ nìyí. Ìyá mi ní èkíní ni ọkọ òun, èkejì ni ọkọ tí òun ìbá fẹ́.

Nínú ìdánwò, a máa ń ṣàpèjúwe ọ̀gá méjì, akẹ́kọ̀ọ́ á sọ irú aṣáájú tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́, á sì fa ẹ̀rí yọ látinú ìtàn. Ó dà bí ẹni pé ó le, àmọ́ kò le. Ọkùnrin kan tó ń ṣe fọ́tókọ́pì lẹ́nu géètì wa ti kó gbogbo ìbéèrè mi àtẹ̀yìnwá jọ, ó sì ti fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ọgbọ́n tirẹ̀: bí ọ̀gá bá ń rẹ́rìn-ín, kọ ayínipadà, bí ó bá ń le ojú, kọ pàṣípààrọ̀. Nígbà tí mo gbọ́, mo fi inú bíbí lọ bá a. Ó wò mí, ó ní, "Màdáàmù, ṣé ó ti kùnà rí?" Mo ronú títí, mi ò rí ọdún kan tó kùnà. Mo ní kó bá mi ṣe fọ́tókọ́pì méjì, mo sì bá tèmi lọ.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ipò olórí ẹ̀ka ṣófo. Àwa mẹ́ta là ń wò ó. Mo fẹ́ ẹ, mi ò ní purọ́. Mo fẹ́ ọ́fíìsì tó ní fèrèsé, mo sì fẹ́ kí wọ́n yé pè mí ní "olùkọ́ àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun". Ọ̀gá àgbà iléèwé ló máa yan ẹni tí yóò dépò. Àṣà wa sì ni pé kò sí ìbéèrè ìdánwò tí a ó tẹ̀ láìjẹ́ pé ọ̀gá àgbà ti kà á, kó sì buwọ́ lù ú. Èyí ló mú ọgbọ́n àgbọ́njù wá sí mi lórí. Ibi tó ti gbọ́dọ̀ kà á gan-an ni mo ti máa yìn ín.

Mo jókòó, mo kọ ìbéèrè kẹta. Mo gbé ọ̀gá méjì sí iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe omi ọ̀pẹ̀ òyìnbó sínú ìgò. Ọ̀gá kejì, ọ̀gá àgbà wa ni, láìdárúkọ. Mo ní ó máa ń wọṣọ tó dára, pé ẹ̀rín kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, pé ohùn rẹ̀ dùn, pé kò sí òṣìṣẹ́ tí kò fẹ́ kí i láàárọ̀. Mo ní ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, ó máa ń sọ iye ìgò tó ń fẹ́ fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, pé ẹ̀ka tó bá dé ibẹ̀ á gba ìsinmi ọjọ́ Ẹtì àti àpèjẹ lẹ́bàá òkun, á sì bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ níwájú gbogbo ènìyàn. Ẹ̀ka tí kò bá dé ibẹ̀ á gba lẹ́tà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kì í dá sí iṣẹ́ ẹnikẹ́ni àfi tí nǹkan bá bàjẹ́. Bó ṣe ń ṣe pẹ̀lú àwa olùkọ́ gan-an nìyẹn, àfi pé akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ló ń béèrè lọ́wọ́ wa, kì í ṣe ìgò. Mo ka ohun tí mo kọ, inú mi dùn. Mo ní ta ni yóò ka èyí tí kò ní fẹ́ràn ọkùnrin náà?

Ọ̀gá kìíní ńkọ́? Obìnrin kan wà tó jẹ́ olórí ọ́fíìsì tó ń tọ́jú ìwé àti máàkì ìdánwò. Kì í rẹ́rìn-ín. Lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún yẹn ló dá ìwé máàkì mi padà torí pé mo fi ìnkì aláwọ̀ ewé kọ ọ́. Mo ní ó dáa, màá fi ìwọ náà sínú ìtàn. Mo kọ ọ́ pé kì í rẹ́rìn-ín, pé ó máa ń dé ibi iṣẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó dé, pé bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́, òun fúnra rẹ̀ á ká apá aṣọ sókè pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́. Mo kọ ọ́ pé kì í jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ ní àlàáfíà: bí wọ́n bá ń lẹ bébà mọ́ ìgò, á ní kí wọ́n sọ ìdí tó fi jẹ́ pé báyìí ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́, àti bí wọ́n ṣe rò pé ó lè sàn jù. Mo kọ ọ́ pé obìnrin tó ń gbálẹ̀ kò rí ìsinmi ọ̀sán nítorí rẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń mú un jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, tí ó sì ń kọ́ ọ bí a ti ń tẹ̀wé, títí obìnrin náà fi kúrò nídìí ìgbálẹ̀ tó sì di akọ̀wé. Yàtọ̀ sí ti ìgò, gbogbo rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ní ọ́fíìsì yẹn. Mo kà á sí ìyọlẹ́nu.

Mo wá kọ ìdáhùn sínú ìwé tí mo máa fi máàkì: ọ̀gá kìíní, pàṣípààrọ̀, ọ̀gá kejì, ayínipadà.

Ọ̀gá àgbà ka ìbéèrè náà níwájú mi. Nígbà tó dé ìbéèrè kẹta, ó rọra tún táì rẹ̀ ṣe. Ó ní, "Màdáàmù, ọ̀gá kejì yìí, ó jọ pé mo mọ̀ ọ́n." Mo ní, "Ọ̀gá, ìtàn lásán ni o." Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó buwọ́ lù ú. Mo jáde bí ẹni tó ti jókòó sí ọ́fíìsì olójú fèrèsé.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí ogójì ló ṣe ìdánwò náà. Nígbà tí mò ń máàkì wọn, ìwé kan tẹ̀lé òmíràn: ọ̀gá kejì ń rẹ́rìn-ín, nítorí náà ayínipadà ni. Oníṣẹ́ fọ́tókọ́pì ti ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ìwé kan ṣoṣo ló yàtọ̀. Ẹni yẹn kọ òdìkejì rẹ̀ pátápátá, ó sì kọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rọ̀ lé e. Mi ò ka ọ̀rọ̀ náà parí. Mo fún un ní òdo nínú máàkì mẹ́fà, mo fi pupa kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ẹ máa fara balẹ̀ ka ìtàn." Àpapọ̀ máàkì rẹ̀ jẹ́ mẹ́sàn-án nínú ogún. Mẹ́wàá ni a fi ń yege.

Ní iléèwé wa, ọjọ́ kan wà tí akẹ́kọ̀ọ́ lè wá wo ìwé ìdánwò rẹ̀, kó sì bá olùkọ́ jiyàn bó bá ní ohun tó fẹ́ sọ. Ọ̀pọ̀ wọn kì í wá. Ní ọjọ́ náà, ẹnì kan péré ló wọlé bá mi: obìnrin kan tó tó ẹni ogójì ọdún, tó gbé akoto alùpùpù sábẹ́ abíyá, tí òórùn èbúté ṣì wà lára aṣọ rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Ó ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ kan tó ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù wọn jáde ní èbúté, òpin ọ̀sẹ̀ ló sì ń wá sí kíláàsì. Ará Kétu ni, nítorí náà èdè wa la jọ ń sọ.

Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó kí mi. Mo ní, "Ẹ jókòó, ìyá ọmọ."

Ó ní, "Màdáàmù, ẹ̀kọ́ yìí nìkan ló kù fún mi. Mo kùnà rẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Wọ́n fẹ́ fi mí ṣe olórí àwọn tó ń kọ ìwé ẹrù, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ mú ìwé ẹ̀rí lísáǹsì mi, oyè àkọ́kọ́ iléèwé gíga, lọ kó tó di ọjọ́ Ajé. Bí mi ò bá mú un lọ, ẹlòmíràn ló máa gbà á. Ọmọ kékeré kan tí mo kọ́ níṣẹ́ ni."

Mo ní mo bá a kẹ́dùn. Ó ní kí n má tíì kẹ́dùn, kí n jọ̀ọ́ ka ohun tí òun kọ.

Mo kà á. Nígbà tí mo dé ìlà kẹrin, mo gbójú sókè. Mo ní, "Ẹ wò ó, ọ̀gá kejì yìí, gbogbo òṣìṣẹ́ ló fẹ́ràn rẹ̀."

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màdáàmù. Èmi náà ìbá fẹ́ràn rẹ̀. Àpèjẹ lẹ́bàá òkun! Ṣùgbọ́n ẹ dé ibẹ̀, ẹ gba ìsinmi; ẹ ò dé ibẹ̀, ẹ gba lẹ́tà; nǹkan bàjẹ́, ó yọjú. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé ìyẹn ni pàṣípààrọ̀."

"Ìwà rẹ̀ ń fa ènìyàn mọ́ra. Ìyẹn wà lára ayínipadà."

"Ohùn rẹ̀ ló ń fa ènìyàn mọ́ra. Ẹ ò kọ ohun kan tó ṣe tí àwọn òṣìṣẹ́ ń wò ṣe àwòkọ́ṣe. Aṣọ rẹ̀ lẹ kọ." Ó tẹ ara rẹ̀ síwájú. "Màdáàmù, ẹ má bínú o. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn yín dé òpin, ta ló yí padà?"

Inú bí mi. Mo fa ìbéèrè mi jáde kí n lè fi hàn án. Mo ka apá ti ọ̀gá kejì sókè, mo wá ẹni tó yí padà, kò sí. Ìgò nìkan ló ń pọ̀ sí i. Mo ka apá ti ọ̀gá kìíní. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ ti di akọ̀wé. Àwọn tó ń lẹ bébà ti ń ronú nípa iṣẹ́ wọn. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ wà nídìí ẹ̀rọ pẹ̀lú aṣọ tí ó ká sókè. Ohùn mi ń lọ sílẹ̀ bí mo ti ń kà á. Ojú tì mí débi pé mo ń wo akoto tó gbé sórí tábìlì dípò kí n wo ojú ẹni tó ni ín.

Ó rí i pé ọ̀rọ̀ ti wọ̀ mí lára, ó sì fẹ́ tù mí nínú. Ó ní, "Pàṣípààrọ̀ kì í ṣe èébú o, Màdáàmù. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá mi ní èbúté rí, ẹrù sì ń jáde. Irú ọ̀gá tó jẹ́ lẹ béèrè, kì í ṣe bóyá ó dára." Mo ní kó máa lọ ná, pé màá wo ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe. Bí mo bá yí ìdáhùn padà, mo gbọ́dọ̀ lọ sọ níwájú ọ̀gá àgbà pé ọ̀gá tó rẹwà yẹn, tí òun mọ̀ dáadáa, ayínipadà kọ́ ni. Ọjọ́ Ajé ni yóò kéde olórí ẹ̀ka. Nítorí náà, mo wá ọ̀nà ẹ̀bùrú. Mo ní màá fún obìnrin náà ní máàkì kan níbòmíràn, kó di mẹ́wàá, kí gbogbo wa sì máa jẹ oúnjẹ wa lọ.

Mo gbé ìwé lọ sí ọ́fíìsì máàkì. Obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín gbà á. Ó ní, "Kí nìdí tí máàkì yìí fi yí padà?"

Mo ní, "Ó mọ ìwé kọ. Ìwé rẹ̀ mọ́ tónítóní."

"Kò sí máàkì fún ìmọ́tótó nínú ètò ìdánwò yín." Ó tì í padà sí mi. "Ẹ kọ ìdí tó jẹ́ òótọ́, kí ọ̀gá àgbà buwọ́ lù ú, màá tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì."

Mo ń yí padà láti lọ nígbà tó sọ sí mi lọ́kàn pé obìnrin yìí ló ń ṣàyẹ̀wò gbogbo ìbéèrè kó tó dì wọ́n sínú àpòòwé. Mo bi í bóyá ó ka ìbéèrè kẹta.

Ó ní, "Mo kà á."

"Ẹ ò sì sọ nǹkan kan?"

"Ẹ ṣàpèjúwe mi dáadáa," ni ó wí. "Ìdáhùn wà nínú àpòòwé tiyín, mi ò mọ ohun tí ẹ kọ síbẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ mi láti kọ́ olùkọ́ níṣẹ́." Akọ̀wé rẹ̀, ìyẹn obìnrin tó ń gbálẹ̀ nígbà kan rí, tẹrí ba nídìí kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n mo rí èjìká rẹ̀ tó ń mì. Ó ń fi mí rẹ́rìn-ín. Mi ò dá a lẹ́bi.

Mo jókòó sí kíláàsì òfìfo kan, mo tún ìwé ogójì kà. Ẹni tó fi pàṣípààrọ̀ sí ọ̀gá kejì tó sì mú ẹ̀rí wá, òun nìkan ló tọ́, obìnrin èbúté náà sì ni. Àwọn tó kù kọ ẹ̀rín. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé èmi ni mo ṣì í nínú ìdáhùn. Nítorí pé àṣìṣe olùkọ́ ni, kí ẹnikẹ́ni má ṣe pàdánù máàkì tó ti gbà, ṣùgbọ́n kí ẹni tó tọ́ gba mẹ́fà rẹ̀ pé. Òun yóò wá ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo tún ka "èmi ni mo ṣì í" náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọdún mọ́kànlá, mi ò kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo gbé ìwé náà lọ bá ọ̀gá àgbà. Ó kí mi tẹ̀ríntẹ̀rín, ó ní kí n jókòó, ó béèrè àlàáfíà ìyá mi. Lẹ́yìn náà ó kà á. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀rín rẹ̀ kò kúrò lẹ́nu, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò sí nínú rẹ̀ mọ́.

Ó ní, "Ọ̀gá kejì yìí, ẹ sọ pé pàṣípààrọ̀ ni."

"Ìtàn ló sọ ọ́, ọ̀gá. Èmi ni mi ò gbọ́."

"Akẹ́kọ̀ọ́ kan péré ni."

"Ẹnì kan ni, ọ̀gá. Òun ló tọ́."

Ó gbé bírò sílẹ̀. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ohùn dídùn yẹn tí mo ti kọ nípa rẹ̀. "Màdáàmù, a jọ ti pẹ́. Ẹ jẹ́ kí ìdáhùn yín wà bó ṣe wà. Akẹ́kọ̀ọ́ yìí á tún un ṣe lọ́dún tó ń bọ̀, ọdún kan kì í ṣe ikú. Bí ẹ bá ṣe ìyẹn fún mi, ní ọjọ́ Ajé, màá buwọ́ lu ìwé ipò yẹn fún yín. Bí ẹ ò bá ṣe é, ẹ mọ̀ pé ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ fẹ́ ẹ."

Èmi tí mo ti ń ṣàlàyé orí ìwé yẹn fún ọdún mọ́kànlá, mi ò rí àpẹẹrẹ tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu mi kí n tó lè fọwọ́ bò ó. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́. Ìbéèrè kẹta lẹ ń dáhùn yìí."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó fi sùúrù sọ ọ̀rọ̀ tó ṣì wà lára mi títí di òní. Ó ní, "Nígbà tí ẹ kọ ọ́ tí ẹ sì gbé e wá bá mi, Màdáàmù, kí lẹ fẹ́ fi gbà lọ́wọ́ mi?"

Ipò náà ni mo fẹ́ fi gbà, àwa méjèèjì sì mọ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí n yìn ín. Èmi ni mo kọ́kọ́ pàtẹ.

Mo ti ìwé náà sí iwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo ní, "Ọ̀gá, mi ò fẹ́ gba nǹkan kan mọ́. Ẹ bá mi buwọ́ lù ú."

Ó pẹ́ kó tó mú bírò. Nígbà tó mú un, ó buwọ́ lù ú láìwo ojú mi. Mo gbé e lọ sí ọ́fíìsì máàkì, mo sì pe obìnrin èbúté náà lórí fóònù láti ojú ọ̀nà ibẹ̀. Ó bi mí bóyá òun yege. Mo ní ó yege, máàkì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, pé èmi ni mi ò ka ìtàn dáadáa.